Gbólóhùn méje láti Faransé sí Yorùbá: ibi tí "kí" ti ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ò tóbi rárá, gbólóhùn méje péré ni, àmọ́ ibi tí sọ́bújọ́ntíìfù, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ìṣe Faransé ṣe máa ń rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìfẹ́, iyèméjì tàbí ìbẹ̀rù, ti máa ń dààmú ẹni tó ń túmọ̀ Faransé sí Yorùbá pọ̀ nínú ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo to lẹ́tà náà jọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ kó ìfẹ́, àdúrà, iyèméjì àti ìbẹ̀rù sínú ẹ̀ kí n lè wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa ṣe tó bá dé Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ló ń kọ̀wé sí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, màmá wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbádùn:

```
1. Je veux que tu viennes samedi.
2. Maman souhaite que nous mangions ensemble.
3. Je ne crois pas que Paul vienne.
4. Je doute qu'il ait reçu ma lettre.
5. Le médecin dit que Maman se repose, mais elle n'écoute pas.
6. J'ai peur qu'elle ne tombe encore.
7. Pourvu qu'il ne pleuve pas !
```

Ìpele 1: irinṣẹ́

Pépà, bírò aláwọ̀ méjì (pupa àti búlúù), àti tábìlì tó ń fi bí ọ̀rọ̀ ìṣe Faransé ṣe ń yí padà hàn, ìwé gírámà èyíkéyìí ní in. Ìkẹrin ni èèyàn kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí ò gbọ́ Faransé rárá. Ẹni yẹn gan-an ni irinṣẹ́ tó níye lórí jù, torí ẹni tó bá gbọ́ Faransé á kàn máa fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí ihò tó wà nínú ìtumọ̀ náà, kò ní rí àṣìṣe kankan.

Ìpele 2: wíwá sọ́bújọ́ntíìfù náà rí

Kéèyàn tó túmọ̀ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí i ná. Àwọn kan hàn gbangba: "viennes" kì í ṣe "viens", "mangions" kì í ṣe "mangeons", "ait" kì í ṣe "a", "pleuve" kì í ṣe "pleut". Mo fi pupa fa ìlà sábẹ́ wọn.

Wàhálà ni àwọn tó parí sí -er, torí bí wọ́n ṣe rí nínú ìndíkatíìfù, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe máa ń rí téèyàn bá kàn ń ròyìn, náà ni wọ́n rí nínú sọ́bújọ́ntíìfù tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo là ń sọ. "Tombe" àti "se repose" nìyẹn, mo fi búlúù fa tiwọn. Ọgbọ́n tí mò ń dá sí i ni pé mo máa ń yọ ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn kúrò, kí n fi "dormir" rọ́pò ẹ̀, torí "dort" àti "dorme" ò jọra. Ní gbólóhùn 6, "j'ai peur qu'elle ne dorme" nìkan ló ṣeé sọ, ẹnikẹ́ni ò ní sọ "dort" níbẹ̀, nítorí náà sọ́bújọ́ntíìfù ni "tombe" yẹn. Ní gbólóhùn 5 ẹ̀wẹ̀, "dit que Maman dort" dúró, "dit que Maman dorme" náà sì dúró. Méjèèjì dára, ìtumọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra pátápátá. Mo fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, mo kọjá.

Ìpele 3: dírááfù àkọ́kọ́, "kí" níbi gbogbo

Òfin tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́ ni pé ibi tí Faransé bá ti lo "que" pẹ̀lú sọ́bújọ́ntíìfù, "kí" ni Yorùbá máa lò. Mo tẹ̀ lé òfin náà láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì kí n lè rí ibi tó máa já sí. Gbólóhùn 1, 2 àti 7 jáde dáadáa: "Mo fẹ́ kó o wá ní Sátidé", "Ó wu Màmá ká jọ jẹun", "Kí òjò má rọ̀".

Gbólóhùn 3 wá di "Mi ò gbà kí Pọ́ọ̀lù wá". Mo ka lẹ́tà náà sókè fún ẹni tí ò gbọ́ Faransé yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe fún wọn tí wọ́n fi ń lé e. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ò bá Pọ́ọ̀lù jà o, ohun tó ń sọ ò ju pé lójú tòun, Pọ́ọ̀lù ò ní wá. "Kí" kan ṣoṣo ti sọ èrò di ìkìlọ̀.

Gbólóhùn 4 tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Mò ń ṣiyèméjì kó ti rí lẹ́tà mi gbà" kì í ṣe Yorùbá, ẹni tó gbọ́ ọ dúró, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà, kò ṣáà yé e.

Ìpele 4: pípín in sí ọ̀nà méjì

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Faransé kó ìfẹ́ àti iyèméjì sábẹ́ sọ́bújọ́ntíìfù kan náà torí pé nínú méjèèjì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò fọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan náà rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ò fi ìyẹn pín ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń bèèrè ni pé: ṣé ò ń ti ọ̀rọ̀ náà síwájú kó lè ṣẹlẹ̀ ni, àbí ò ń gbé e yẹ̀ wò bóyá òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ pé ò ń tì í, "kí". Tó bá jẹ́ pé ò ń yẹ̀ ẹ́ wò, "pé", kódà tó o bá ń yẹ̀ ẹ́ wò tó ò sì gbà á gbọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń gba méjèèjì ló máa jẹ́ kó yé èèyàn jù. "Mi ò gbà pé ó máa wá", èrò nìyẹn. "Mi ò gbà kó wá", mo kọ̀ fún un nìyẹn. "Mo sọ pé ó ń bọ̀", ìròyìn ni. "Mo sọ pé kó máa bọ̀", àṣẹ ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́.

Nítorí náà mo padà sí pépà mi, mi ò tiẹ̀ wo "vienne" tàbí "ait" mọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níwájú "que" ni mo ń wò. "Veux" àti "souhaite" ń ti nǹkan, "kí" ni wọ́n máa gbà. "Ne crois pas" àti "doute" ń yẹ nǹkan wò, "pé" ni tiwọn. Ẹ tún wo "espérer" tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láàmú torí ó ń gba ìndíkatíìfù nígbà tí "souhaiter" ń gba sọ́bújọ́ntíìfù: "J'espère qu'il viendra", "Je souhaite qu'il vienne". Níbí yìí Yorùbá bá Faransé mu láìjẹ́ pé wọ́n jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Mo nírètí pé ó máa wá", àmọ́ "Ó wù mí kó wá".

Ohun kan tún wà téèyàn lè fi yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò. Ìyísódì inú "kí" ni "má", ti inú "pé" ni "kò" tàbí "kò ní". "Mo fẹ́ kó má wá", "Mo mọ̀ pé kò ní wá". Tẹ́ ẹ bá sọ gbólóhùn yín di ìyísódì tí ẹnu yín sì lọ sí "má" fúnra ẹ̀, ẹ ti wà lọ́dọ̀ ìfẹ́ àti àṣẹ nìyẹn.

Kí n má tan yín o, ìpín náà ò mọ́ tónítóní. "Il est possible qu'il vienne" kì í ṣe ìfẹ́, síbẹ̀ "Ó ṣeé ṣe kó wá" la máa ń sọ, "kí" ló gbà. "Ó yẹ kó" náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ò pọ̀, téèyàn bá ti mọ̀ wọ́n bó ṣe ń gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn èèyàn, ó parí.

Ìpele 5: báwo ni iyèméjì náà ṣe lágbára tó

Ibí ni mo ti pẹ́ jù. "Pé" kàn ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé ni, kò ní iyèméjì kankan nínú ara ẹ̀, torí náà gbogbo ẹrù iyèméjì náà á bọ́ sí ọrùn ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ẹ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó máa yàn.

"Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wá" wà ní àárín gbùngbùn, kò fì síbì kan. Faransé ní ti ẹ̀ fún ìyẹn, "je ne sais pas s'il viendra", kò sì sí sọ́bújọ́ntíìfù níbẹ̀. "Je doute" ń fì sápá kan, ẹni tó bá sọ ọ́ ti ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi "mi ò mọ̀ bóyá" túmọ̀ ẹ̀, ẹ ti bu omi sí i. "Kò dá mi lójú pé" sún mọ́ ọn díẹ̀. "Mi ò rò pé" ló bá "je ne crois pas que" mu.

Èyí tó wá jẹ́ ti Yorùbá gan-an ni "bóyá ni". Kì í ṣe "bóyá" tó dá dúró o. "Bóyá ó máa wá" túmọ̀ sí pé ó lè wá, ó sì lè má wá. "Bóyá ni ó máa wá" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kò ní wá. "Ni" kékeré yẹn ló yí i padà. Mo ka méjèèjì fún ẹni tó ń bá mi gbọ́ ọ, mo bi í bóyá ká ṣì máa retí Pọ́ọ̀lù, ó dáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìronú. Gbólóhùn 4 ni mo fi "bóyá ni" sí.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Sọ́bújọ́ntíìfù Faransé ò ní ọjọ́ iwájú, "je doute qu'il vienne" lè jẹ́ pé ó ń bọ̀ báyìí, ó sì lè jẹ́ pé ó máa wá lọ́la. Yorùbá ò ní gbà kéèyàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn "pé", ẹ máa yàn láàárín "ó ń bọ̀" àti "ó máa wá". Sátidé tó wà nínú gbólóhùn 1 ló bá mi yàn án, ọjọ́ iwájú ni, nítorí náà "máa". Ní gbólóhùn 4, "ait reçu" ti kọjá, "ti" ló máa gbé e. Lẹ́yìn "kí" ẹ̀wẹ̀, ìṣòro yìí ò sí, "kó wá" kàn dúró lásán bí tiwọn náà ṣe dúró.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "se douter". "Je doute qu'il vienne", mi ò rò pé ó máa wá. "Je me doute qu'il viendra", mo fura pé ó máa wá. "Me" kan ṣoṣo ló yí i po, ọ̀rọ̀ ìṣe tó sì tẹ̀ lé e ti di ìndíkatíìfù, ìyẹn gan-an ló máa ń ta èèyàn lólobó.

Ìpele 6: ìbẹ̀rù àti "ne" tí kò kọ̀

"J'ai peur qu'elle ne tombe encore." "Ne" wà níbẹ̀, "pas" ò sí. Ẹni tó bá kà á bí ìyísódì á kọ "Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní ṣubú mọ́", ìyẹn ni pé ọmọ fẹ́ kí ìyá òun ṣubú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! "Ne" yẹn ò kọ nǹkan kan, àwọn Faransé kàn máa ń fi í sẹ́yìn ìbẹ̀rù ni, lẹ́nu wọn lásán wọ́n tiẹ̀ máa ń yọ ọ́ kúrò tí ìtumọ̀ ò sì yí padà.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé àwa náà ní irú ẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má tún lọ ṣubú." Ẹ wo "má" yẹn dáadáa. Ohun tí ẹ̀rù ń bà mí fún ni pé wọ́n lè ṣubú, síbẹ̀ "má" wà níbẹ̀, torí pé nínú ìbẹ̀rù, àdúrà pé kó má ṣẹlẹ̀ ti wọnú ọ̀rọ̀ náà. "Ne" wọn àti "má" wa jókòó síbì kan náà níbí. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé tiwọn ṣeé yọ, tiwa ò ṣeé yọ. "Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n ṣubú" ò dún létí. Torí náà bí "ne" ò tiẹ̀ sí nínú Faransé náà, ẹ fi "má" sí Yorùbá.

Tí "pas" bá wá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. "J'ai peur qu'elle ne vienne pas" ni "Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní wá". Ẹ lo "pé" níbí, torí "Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ wá" máa sọ òdìkejì, pé ẹ ò fẹ́ rí wọn sójú. Nítorí náà "pas" ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ gbàgbé "ne": tí "pas" ò bá sí, "kí… má lọ", tí "pas" bá wà, "pé… kò ní".

Ìpele 7: kí ni dókítà sọ gan-an?

Mo padà sí gbólóhùn tí mo fi àmì ìbéèrè sí. "Le médecin dit que Maman se repose." Tó bá jẹ́ ìndíkatíìfù, dókítà ń ròyìn ni: "Dókítà ní Màmá ń sinmi." Tó bá jẹ́ sọ́bújọ́ntíìfù, ó ń pàṣẹ: "Dókítà ní kí Màmá máa sinmi." Faransé lè fi bò ó mọ́lẹ̀ nínú ìwé, Yorùbá ò lè bò ó, "kí" yẹn á wà tàbí kò ní wà.

Lóòótọ́, tó bá jẹ́ àṣẹ, Faransé sábà máa ń sọ ọ́ ní "dit à Maman de se reposer", àmọ́ oríṣi tó wà nínú lẹ́tà yìí náà máa ń jáde lẹ́nu wọn. Ìparí gbólóhùn náà ló tú u palẹ̀: "mais elle n'écoute pas". Èèyàn ò lè kọ etí ikún sí ìròyìn, àṣẹ ni wọ́n ń kọ etí ikún sí. "Kí" ló wọlé. Ká ní "mais" yẹn ò sí níbẹ̀ ni, ńṣe ni mi ò bá padà lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, torí kò sí bí mo ṣe lè fi gírámà nìkan mọ̀ ọ́n.

Ìpele 8: "pourvu que"

Èyí ò gba àkókò. Tó bá dá dúró tó sì ní àmì ìyanu lẹ́yìn, àdúrà ni: "Kí òjò ṣáà má rọ̀ o!" Mo fi "ṣáà" àti "o" kún un torí "Kí òjò má rọ̀" nìkan dà bí ìgbà tí èèyàn ń pàṣẹ fún ojú ọ̀run. Tí "pourvu que" bá wà láàárín gbólóhùn, àdéhùn ni, kì í ṣe àdúrà: "Je viendrai pourvu qu'il ne pleuve pas", "Màá wá, tí òjò ò bá ṣáà ti rọ̀". Ibẹ̀ ò gba "kí" rárá.

Ìpele 9: àmì ohùn, ẹ jọ̀ọ́

Mo mọ̀ pé lórí fóònù ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí i, èmi náà kì í sábà fi sí i tí mo bá ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí, àìfi àmì sí i máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. "Ko wa" lè jẹ́ "kó wá", ìyẹn ni pé kí ó wá, ó sì lè jẹ́ "kò wá", ìyẹn ni pé a retí ẹ̀ títí a ò rí i. Ìfẹ́ àti ìròyìn ti dà pọ̀ mọ́ra. "Mo fe ki o wa" náà rèé, ṣé "kí o wá" ni àbí "kí ó wá"? Faransé ti ya "tu viennes" àti "il vienne" sọ́tọ̀ fún wa, àwa ló wá tún un dà pọ̀. Tí àmì ò bá lè wọlé rárá, mo máa ń kọ orúkọ ẹni náà jáde dípò "ó", ó sì máa ń yanjú ẹ̀.

Màmá ò ní ìṣòro yìí torí "wọ́n" la máa fi pè wọ́n. "Elle" kan ṣoṣo ni Faransé ní, ìyá àti àbúrò obìnrin ni wọ́n jọ ń lò ó, àmọ́ ẹni tó bá kọ "kó má tún lọ ṣubú" fún ìyá ẹ̀ nínú lẹ́tà á rí ojú àwọn tó bá ń kà á. Pọ́ọ̀lù kéré sí ẹni tó ń kọ̀wé, "ó" ni tiẹ̀, ìyẹn tún jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ń sọ láìtún máa dárúkọ.

Ìpele 10: ìdánwò àti ohun tó jáde

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ẹni tó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹni yìí fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Ṣé ó gbà pé ó máa ṣẹlẹ̀? Mo ti kọ ìdáhùn tó yẹ kí Faransé náà fún mi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí tiẹ̀ bá yàtọ̀, mo mọ ibi tí mo máa padà sí. Gbólóhùn 3 nìkan ló ṣì fa ìjiyàn díẹ̀, torí ó ní òun ò mọ̀ bóyá ó dun ẹ̀gbọ́n náà pé Pọ́ọ̀lù ò ní wá. Faransé náà ò sì sọ ìyẹn, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

```
1. Mo fẹ́ kó o wá ní Sátidé.
2. Ó wu Màmá ká jọ jẹun.
3. Mi ò rò pé Pọ́ọ̀lù máa wá.
4. Bóyá ni lẹ́tà mi ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.
5. Dókítà ní kí Màmá máa sinmi, àmọ́ wọn ò gbọ́.
6. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má tún lọ ṣubú.
7. Kí òjò ṣáà má rọ̀ o!
```

Sọ́bújọ́ntíìfù ló wà nínú gbogbo méjèèje ní Faransé, ní Yorùbá márùn-ún gba "kí" (tàbí "kó", tàbí "ká"), ọ̀kan gba "pé", ọ̀kan ò gba ìkankan nínú méjèèjì. Èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn ni "il semble que" tó ń gba sọ́bújọ́ntíìfù nígbà tí "il me semble que" ń gba ìndíkatíìfù. "Ó jọ pé" ni mo ń lò fún àkọ́kọ́, "lójú tèmi" fún ìkejì, mo ṣì fẹ́ ka irú wọn púpọ̀ sí i sétí ẹlòmíì kí n tó kọ tiwọn.